Fáànù, Ẹrù àti ₦800: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Ìpolówó Oníṣẹ́jú Àáyá 15

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi áàpù bá èrò pe ọkọ̀ fẹ́ fa ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn mọ́ra. Ẹ̀dínwó ló fẹ́ fi fà wọ́n. Ó kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé, ó sì gbé e fún ẹni tó máa ń kọ ìpolówó. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò yọ kúrò nínú owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò yọ kò ní ju ₦800 lọ. Ìrìn-àjò méjì àkọ́kọ́ nìkan ló kàn. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni, láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi íméèlì yunifásítì forúkọ sílẹ̀, káàdì ló gbọ́dọ̀ fi sanwó, Ìbàdàn ló sì gbọ́dọ̀ ti wọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ parí ní 31 Oṣù Kẹwàá. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n wá fi kún un pé fídíò oníṣẹ́jú àáyá 15 ni àwọn ń fẹ́, kó sì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní tíì mú gègé. Fóònù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú, yóò ṣí aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì ka àlàyé ẹ̀dínwó yẹn sókè bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Kó tó dé orí íméèlì yunifásítì, ìṣẹ́jú àáyá 15 yóò ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọkọ̀, a kò tíì gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó tíì rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni yóò padà lọ, kí wọ́n jọ gé ẹ̀dínwó náà kúrú kó tó di pé a kọ ohunkóhun. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á lọ wá àwàdà àti orin, wọ́n á sì fi àwọn àlàyé tó kù há sí ìsàlẹ̀ fídíò ní lẹ́tà tó kéré débi pé olójú ẹyẹ ìdì nìkan ló lè kà á.

Ìdá 40 yẹn gan-an ni ewu tó tóbi jù nínú ìwé náà. Bí áàpù bá pe ₦3,500 láti Ìwó Ròòdù dé Yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ìdá 40 yóò ṣírò pé ₦1,400 ló máa kúrò, òun á sì san ₦2,100. Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, ₦2,700 ni yóò rí, nítorí ₦800 ni òpin ohun tí wọ́n lè yọ. ₦600 tó fi lé yẹn kò pọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó tó láti mú kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ kó sì fi sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì wọn. Tí owó ọkọ̀ bá ti ju ₦2,000 lọ, ìdá 40 kì í ṣe òótọ́ mọ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni ₦800, òun náà ló sì rọrùn jù láti sọ.

Lẹ́yìn àríyànjiyàn, ohun tó kù nìyí: ₦800 yóò kúrò nínú ìrìn-àjò méjì àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, títí di ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n yọ ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì kúrò, wọ́n yọ aago kúrò, wọ́n sì gbà kí ẹni tó ní owó lọ́wọ́ san owó. Íméèlì yunifásítì kò kúrò, ṣùgbọ́n ó kúrò nínú fídíò. Áàpù fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé ibẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń lé e.

Òdiwọ̀n 15 yìí kò ṣàdédé wá. Nígbà tí Instagram kọ́kọ́ gba fídíò láàyè ní ọdún 2013, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ó pọ̀ jù tí ènìyàn lè gbé síbẹ̀. Lórí YouTube, ìpolówó kan wà tí olùwòran lè fò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, òmíràn sì wà tí kò ṣeé fò. Èyí tí kò ṣeé fò yìí ni ìṣẹ́jú àáyá 15 ti wọ́pọ̀ jù. Tí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bó ti wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà, àwòrán 375 péré ni gbogbo eré náà. Olùyàwòrán tó mọṣẹ́ lè jókòó ka gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó di ọ̀sán.

Ìbéèrè kejì ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti nílò ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ máa ń fẹ́ àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kíláàsì, tó gbé ìwé mọ́yà, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀tàn gbáà ni. Ẹni tó ń gbé ní Kúti tàbí Mellanby kò nílò áàpù láti dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ló máa fi rìn ín, tàbí kó wọ ọkọ̀ inú ọgbà. Ẹni tó ń gbé ní Agbowó, ìdojúkọ géètì, yóò kàn sọdá títì ni. Ọjọ́ tí owó ọkọ̀ máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́ ni ọjọ́ ìwọlé: ó ti Èkó tàbí Oṣogbo dé, bọ́ọ̀sì já a sílẹ̀ ní Ìwó Ròòdù, báàgì Gánà-mọ́ọ̀sì-gò méjì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, gààrì wà nínú àpò, ìkòkò wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, fáànù onídùúró sì wà lábẹ́ apá. Máíkírà tó kọjá ń pe èrò, ṣùgbọ́n èrò ló ń pè, kì í ṣe ilé tó ń kó lọ.

Ìpolówó tó dára máa ń mú irú wákàtí kan báyìí, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Uber dé Èkó ní ọdún 2014, kò sì dé Ìbàdàn títí di 2021. Ní gbogbo àsìkò yẹn àti títí di òní, Máíkírà ló ni ìgboro Ìbàdàn, ó sì rọ ènìyàn lápò ju ọkọ̀ tí a fi fóònù pè lọ fún ẹni tó rìn lọ́wọ́ òfo. Olùkọ̀wé ìpolówó tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi áàpù rọ́pò Máíkírà lójoojúmọ́ ń parọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ ẹrù, nígbà tí onímáíkírà bá wo fáànù yẹn lókè wò ó nílẹ̀, ìṣirò yí padà.

Àkọ́kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ rèé. Àmì ilé-iṣẹ́ yóò yọ lórí òfuurufú Ìbàdàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kámẹ́rà tó ń fò yóò fi àwọn òrùlé páànù pupa hàn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yóò jó níwájú géètì, ọkọ̀ yóò dé, wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á tún jó nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn kan tó le bí ti olùkéde ìdìbò yóò ka ẹ̀dínwó ní kíákíá. Ibi mẹ́rin ni wọn yóò ti ya á. Kò burú lójú. Wàhálà rẹ̀ ni pé àtàǹpàkò olùwòran ti sún un lọ kí òrùlé páànù tó tán, ẹni tó sì dúró kò rí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ijó kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀.

Èyí tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ dúró sí ojú kan, ó ní ènìyàn mẹ́ta: akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, onímáíkírà kan tó ti tó bàbá rẹ̀, àti awakọ̀ áàpù kan. Bí ó ṣe lọ nìyí.

0 sí 2. Àwòrán súnmọ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní gáréèjì. Síìpù Gánà-mọ́ọ̀sì-gò já, páálí ìńdómìí yọ jáde. A gbọ́ ìró síìpù, a gbọ́ ariwo gáréèjì lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

2 sí 5. Onímáíkírà yọ orí láti ojú fèrèsé, ó wo báàgì, ó wo fáànù. Ó ní: "Àǹtí, ẹrù yìí á san owó èèyàn méjì."

5 sí 7. Ojú fóònù gba gbogbo àwòrán. Ìka tẹ GBERA. ₦2,600 di ₦1,800. Ìró kékeré kan dún.

7 sí 12 àtààbọ̀. Ọkọ̀ mìíràn dúró. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rọra gbé fáànù sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, ó de bẹ́líìtì. Ohùn ọ̀dọ́ kan sọ pé: "Tẹ GBERA sínú áàpù. ₦800 á kúrò nínú owó ọkọ̀ rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì."

12 àtààbọ̀ sí 15. Ọkọ̀ lọ. Onímáíkírà dúró lẹ́yìn, ó ń na ọwọ́: "Àǹtí, ẹ padà wá! Owó ẹnì kan ni!" Lórí àwòrán rẹ̀: GBERA, àmì ilé-iṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ méjì nípa Ìbàdàn àti ọjọ́ tí ẹ̀dínwó parí.

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò rí i pé kò pọ̀ rárá. Àwọn tó ń kọ ìpolówó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka ọ̀rọ̀, wọ́n á ní méjì àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà yẹn kò ran Yorùbá lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ wa gùn lórí ara wọn ju bí wọ́n ṣe jọ lórí ìwé lọ. Sílébù ló yẹ kí a kà. Ohùn tó ń lọ wẹ́rẹ́, tí kò sáré, máa ń pe nǹkan bí sílébù márùn-ún sí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rọ̀ onímáíkírà àkọ́kọ́ jẹ́ 16, ti ohùn ọ̀dọ́ jẹ́ 28, ti ìkẹyìn jẹ́ 13. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 57, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Mẹ́rin tó kù kò ní ọ̀rọ̀ nínú, inú rẹ̀ sì ni síìpù ti já tí owó sì ti wálẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní kí a fi "ilé-iṣẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé" kún un, a gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè èwo nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni kí a yọ.

Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Onímáíkírà yẹn lè bí akẹ́kọ̀ọ́ náà, síbẹ̀ "Àǹtí" ló pè é, ó sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà ní gáréèjì nìyẹn. Ohùn ọ̀dọ́ ní tirẹ̀ sọ pé "owó ọkọ̀ rẹ", bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Tí a bá fi "yín" sí i, ohùn náà yóò di ti ọ̀gá ilé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni awàdà yìí kò gbọdọ̀ fi onímáíkírà ṣe ẹni burúkú. Ohun tó sọ kò jẹ́ ìrẹ́jẹ lójú ará Ìbàdàn: ẹrù tó gba àyè ènìyàn sanwó àyè ènìyàn. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ènìyàn máa fẹ́ràn, kí ẹ̀rín ìkẹyìn lè jẹ́ ti oníbàárà àti ọlọ́jà tí kò bá ara wọn mu.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn kò gbọ́ Yorùbá, púpọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ọ sì máa ń wo fídíò láìṣí ohùn, nínú kíláàsì tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí ẹlòmíràn ti ń sùn. Ìdánwò tó rọrùn wà fún èyí. A ó pa ohùn fídíò, a ó sì wo bóyá ìtàn náà dúró. Síìpù tó já, ojú tí onímáíkírà fi wo fáànù, ₦2,600 tó di ₦1,800: ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun ti lóye rẹ̀. Àkọlé abẹ́ àwòrán yóò wà fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé ìtàn. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí owó yọ ní nọ́ńbà lójú fóònù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbàgbé pé ẹgbẹ̀rin ni 800, ojú wọn ló sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún etí.

Kóòdù yẹn gba àròjinlẹ̀ ju bí ó ti jọ lọ. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ mú wá lè jẹ́ AKEKOO30. Ó dára létí, àmọ́ wo ọwọ́ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ méjì ni àbí ẹyọ kan? Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ O àbí 0? Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, áàpù yóò ní kò sí irú kóòdù bẹ́ẹ̀, yóò sì pa á tì. GBERA ní lẹ́tà márùn-ún, kò ní nọ́ńbà, kò ní lẹ́tà tó nílò àmì lábẹ́, kò sì sí ọ̀nà méjì tí ènìyàn lè gbà kọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n tún sọ fún ẹni tó ń ṣe áàpù pé kó gbà á bóyá lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tàbí kékeré.

Ojú fóònù tó yọ ní ìṣẹ́jú àáyá karùn-ún kì í ṣe ohun tí wọ́n ya tààrà. Tí kámẹ́rà bá ya ojú fóònù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú, òòrùn Ìwó Ròòdù á sì sọ ọ́ di dígí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n gba àwòrán ojú áàpù láti inú fóònù fúnra rẹ̀, kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń tò ó. Ibí yìí ni ìdẹwò wà: ẹni tó ń tò ó lè kọ iye tó bá wù ú. Iye tó yọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí áàpù pè ní tòótọ́ fún ọ̀nà yẹn. Fídíò tó dúró lóòró lórí fóònù jẹ́ 1080 ní ìbú àti 1920 ní gíga, orúkọ ẹni tó gbé e síta àti àwọn bọ́tìnnì sì máa ń bo apá kan òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé GBERA sí ìsàlẹ̀ pátápátá ti fi pamọ́ fún olùwòran.

Nínú ọkọ̀, bẹ́líìtì akẹ́kọ̀ọ́ àti ti awakọ̀ gbọ́dọ̀ hàn, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ di fóònù mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Òfin ìrìnnà ojú pópó ní Nàìjíríà kọ méjèèjì, ẹni tó bá sì ń polówó ọkọ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ nípa rírú u. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ní láti kọ àbá ẹni tó bá sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà há ara wọn mọ́ inú ọkọ̀ kan kó lè dùn ún wò. Nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíràn àti ojú àwọn èrò tó ń kọjá ní gáréèjì yóò di bàìbàì, nítorí kò sẹ́ni tó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe Máíkírà náà yóò farasin.

Fídíò kò tíì lè jáde. Òfin ìpolówó ọdún 2022 ló dá àjọ tí a mọ̀ sí ARCON sílẹ̀ dípò APCON ti tẹ́lẹ̀, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó dé etí aráàlú, tó fi mọ́ èyí tó máa yọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wọ́n tún ti kọ̀ kí wọ́n máa lo àwọn aláwòṣe àti olóhùn láti ilẹ̀ òkèèrè nínú ìpolówó tí wọ́n fẹ́ fi ta ọjà ní Nàìjíríà. Fún fídíò bí èyí, ìyẹn kò ní wàhálà. Ohun tí ìgbìmọ̀ lè béèrè ni ẹ̀rí ẹ̀dínwó: ta ló kàn, títí di ìgbà wo, ṣé ₦800 yóò kúrò ní tòótọ́? Ẹni tó ti gé ẹ̀dínwó rẹ̀ kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀ á dáhùn pẹ̀lú ìwé kan. Ẹni tó ṣì ní ìdá 40 àti òpin ₦800 àti aago mẹ́jọ alẹ́ yóò máa ṣàlàyé títí. Kí wọ́n sì fi àsìkò ìyẹ̀wò yìí sínú kàlẹ́ńdà, nítorí ọjọ́ ìwọlé kì í dúró de ìwé àṣẹ.

Àmọ́ ọjọ́ ìwọlé fúnra rẹ̀ lè má dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 14 Oṣù Kejì, kò sì parí títí di 14 Oṣù Kẹwàá. Ká ní fídíò wa ti wà nílẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n sì ti kọ ọjọ́ mọ́ ẹnu olóhùn, oṣù mẹ́jọ ni yóò fi di àlòkù. Ìdí nìyí tí olóhùn kò fi dárúkọ ọjọ́ kankan. Ọjọ́ wà nínú àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwòrán ìkẹyìn, ẹni tó ń tò ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìpe òṣèré padà.

Owó náà nílò irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Ní ìparí Oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó lítà kan fò láti ibi tí kò tó ₦200 lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìdínkù ₦800 tó tóbi lójú lọ́sẹ̀ kan lè di ẹ̀bùn kékeré lọ́sẹ̀ kejì. Ohùn ọ̀dọ́ ti sọ ₦800, ìyẹn ò ṣeé yí padà láìgba ohùn mìíràn. Nítorí náà, ní ọjọ́ kan náà tí olóhùn wà ní sítúdíò, wọn yóò ní kó tún un sọ pẹ̀lú ₦1,000 àti ₦1,200. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì dín owó ọjọ́ mìíràn kù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n máa ń fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n wò ó, láàárín fídíò mìíràn, bí wọ́n ṣe máa rí i lójú fóònù wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó bi wọ́n: kí ni wọ́n ń tà, èló ló ń kúrò, kí ni kí n tẹ̀? Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín onímáíkírà, tí wọ́n ń ṣe bí ohùn rẹ̀, àmọ́ tí wọn kò rántí GBERA, àwàdà ti gbé ọjà mì. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe kí a pa àwàdà. GBERA ni kí a gbé sókè kí onímáíkírà tó ya ẹnu, kó sì wà níbẹ̀ títí tí fídíò yóò fi parí. Ní ìdà kejì, bí wọ́n bá rántí kóòdù ṣùgbọ́n tí wọ́n rò pé onímáíkírà náà ń polówó, àwòrán ojú fóònù ni kò dúró pẹ́ tó.

Ìṣòro kan wà tí fídíò kò lè yanjú, ṣùgbọ́n tó lè ba fídíò jẹ́. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san owó lọ́wọ́, ₦1,800 ni awakọ̀ gbà níwọ̀n ìgbà tí ìrìn-àjò náà jẹ́ ₦2,600. ₦800 tó kù, ilé-iṣẹ́ ló máa dá a padà fún un nínú áàpù, lọ́pọ̀ ìgbà nípa yíyọ ọ́ kúrò nínú ìpín tó yẹ kó san fún wọn. Awakọ̀ tó fẹ́ ra epo lọ́wọ́lọ́wọ́ kò ní inú dídùn sí èyí. Àwọn kan máa pe èrò kí wọ́n tó dé, wọ́n á béèrè ibi tó ń lọ àti bóyá owó tàbí káàdì ni, wọ́n á sì fagi lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti tẹ GBERA tí awakọ̀ méjì sì já a sílẹ̀ ní Ìwó Ròòdù pẹ̀lú fáànù rẹ̀ kò ní rántí pé àwọn awakọ̀ ló ṣe é. Fún ìdí yìí, olùkọ̀wé tó gbọ́n máa ń béèrè ìgbà tí àwọn awakọ̀ Ìbàdàn yóò gbọ́ nípa ẹ̀dínwó náà àti ọjọ́ tí owó wọn yóò wọlé. Ó tún máa béèrè ibi tí wọ́n ti gba ọkọ̀ láàyè dé nínú ọgbà yunifásítì. Bí géètì bá jẹ́ òpin, kò yẹ kí ọkọ̀ inú fídíò dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí fídíò bá jáde, iye ènìyàn tó wò ó ni ilé-iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ gbé jó. Nọ́ńbà yẹn kò sọ púpọ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n wò ni iye àwọn tó dúró kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, lẹ́yìn náà iye àwọn tó tẹ GBERA, lẹ́yìn náà iye àwọn tó lo ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ọ̀pọ̀ bá sá kí onímáíkírà tó sọ̀rọ̀, síìpù ni kò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dúró tí wọn kò tẹ kóòdù, ẹ̀dínwó ni kò wù wọ́n, tàbí àsìkò ìwọlé ti kọjá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò padà, ẹ lọ bi awakọ̀. Kí ìṣirò yìí tó lè dúró, kóòdù GBERA gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fídíò yìí nìkan, kí wọ́n má fi òun kan náà sí orí pátákó ẹnu géètì.

Láti inú fídíò kan náà, wọ́n máa ń gé èyí tó kúrú jù, oníṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tí YouTube kò jẹ́ kí ènìyàn fò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni wọ́n gbọ́dọ̀ jù nù, síìpù ló sì kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà awakọ̀ tó gbé fáànù, lẹ́yìn náà ohùn ọ̀dọ́ pátápátá. Ohun tó kù ni pé onímáíkírà wo fáànù, ó ní ẹrù á san owó èèyàn méjì. Ojú fóònù yọ: ₦2,600, GBERA, ₦1,800, àti àmì ilé-iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.